VWAP ti wá bá owó ọjà, síbẹ̀ èrè ò wọlé: níbo gan-an ni ká máa jáwọ́?

Adérónkẹ́_Bódìjà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. SPY, àpò ìpín tó ń tẹ̀lé S&P 500, ni mo ń rà tí mo ń tà, lórí ṣáàtì ìṣẹ́jú 5, pẹ̀lú VWAP, ìyẹn ìpíndọ́gba iye tí gbogbo ọjà ti rà á lọ́jọ́ náà, tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọjà Niu Yọ́ọ̀kì bá ṣí. Ọ̀nà mi ò lọ́jú pọ̀ rárá. Bí owó bá já bọ́ dé ìlà ìyapa kejì nísàlẹ̀, ìyẹn ìlọ́po méjì ìyapa sí VWAP, mo rà. Bó bá padà dé VWAP, mo tà. Ìlà ìyapa kẹta ni mo fi ṣe sítọ́ọ̀pù.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu rèé. Bí mo bá wo ẹ̀yìn, owó ọjà máa ń padà pàdé VWAP gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rò, lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ tí mo bá wo àkáǹtì, èrè náà lè máà tó nǹkan, ó sì máa ń jẹ́ òfò nígbà mìíràn. Mo tẹjú mọ́ ṣáàtì, mo rí i pé VWAP ló rìn wá bá owó ọjà, kì í ṣe owó ọjà ló rìn lọ bá a. Bẹ́ẹ̀ ni bí sítọ́ọ̀pù bá jẹ mí, iye tó ń gbà máa ń ju èyí tí mo ti ṣírò sílẹ̀ lọ.

Ṣé kí n fi tàgẹ́ẹ̀tì sójú kan ni? Àbí kí n máa jáde níbi ìlà ìyapa kìíní? Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

---

Kóládé_Góòlù

Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó dààmú yín. VWAP ni àwọn báǹkì ńláńlá ń lò. Bí owó bá ti bọ́ sísàlẹ̀ VWAP, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ka ọjà náà sí, wọ́n á wọlé, wọ́n á gbé e padà sókè. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń padà. Tí kò bá padà lónìí, ẹ rà kún un ní ìlà kẹta, kí owó tí ẹ fi rà lápapọ̀ lè wálẹ̀, ẹ ó jáde láìfarapa. Góòlù ni èmi ń ṣe, XAUUSD lórí MT5, ọ̀nà kan náà ni mo ń gbà.

---

Ẹ̀gbọ́n_Pẹ́kámù

Adérónkẹ́, ìbéèrè rẹ dára, ìwọ fúnra rẹ sì ti dáhùn ìdajì rẹ̀. Iṣẹ́ pípín ọjà ńlá tà fún àwọn oníbàárà ni mo ṣe níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí Kóládé sọ, kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Kóládé, òótọ́ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lo VWAP. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lò ó. Oníbàárà á ní, "Ẹ bá mi ra ìpín mílíọ̀nù kan lónìí, ẹ má jẹ́ kí iye tí ẹ rà á burú ju VWAP ọjọ́ náà lọ." Ẹ̀rọ tó ń ra ọjà náà á pín in sí wẹ́wẹ́ láti òwúrọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́, bí òwò ọjà ṣe máa ń pọ̀ tàbí dín kù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú wọn ò dúró dìgbà tí owó bá wà lábẹ́ VWAP. Bó wà lókè, wọ́n ń rà. Bó wà nísàlẹ̀, wọ́n ń rà. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ìlà náà. Kódà, bí ẹnì kan bá ní ọjà ńlá láti tà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òun gan-an ló ń ti owó ọjà kúrò lọ́dọ̀ VWAP, tí kò sì ní jẹ́ kó padà. Nítorí náà, ríra kún un ní ìlà kẹta nítorí pé "báǹkì ń bọ̀" lè jẹ́ pé ọwọ́ báǹkì náà gan-an lẹ ti ń rà á.

Ó kù sí tìrẹ, Adérónkẹ́. VWAP jẹ́ àpapọ̀ gbogbo owó tí wọ́n ti ná látìgbà tí ọjà ṣí, pín sí àpapọ̀ ìpín tí wọ́n ti rà. Ìpín tuntun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rà ń fà á sí apá ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Iye tó fi ń rìn rèé:

```
VWAP tuntun = VWAP + (v / (V + v)) × (P − VWAP)
```

V ni iye ìpín tó ti kọjá kí o tó wọlé, v ni èyí tó kọjá lẹ́yìn tí o wọlé, P ni iye tí wọ́n ń rà á ní àkókò v yẹn. Wo ìtumọ̀ rẹ̀: bí P bá wà lábẹ́ VWAP, VWAP gbọ́dọ̀ máa sọ̀kalẹ̀. Kò sí ohun tó lè dá a dúró, àfi kí owó padà sókè. Nígbà tí o bá ń ra ọjà lábẹ́ VWAP, o ń fi ohun tó dájú pé ó ń bọ̀ wálẹ̀ ṣe tàgẹ́ẹ̀tì.

Jẹ́ ká fi iye sí i. Ká ní ìpín mílíọ̀nù 20 ti kọjá, VWAP wà ní dọ́là 600, ìyapa jẹ́ dọ́là 1.50. Ìlà kejì nísàlẹ̀ wà ní 597, ìlà kẹta ní 595.50. O rà ní 597. Lójú rẹ, o ń wá dọ́là 3, o sì lè pàdánù dọ́là 1.50. Ó dà bí òwò tó dára.

Wákàtí méjì kọjá, owó ò kúrò lójú kan, ó ń yí gbirigbiri yí 597 ká, ìpín mílíọ̀nù 15 mìíràn sì ti kọjá. VWAP ti di 598.71. Tàgẹ́ẹ̀tì rẹ ti bọ́ láti dọ́là 3 sí dọ́là 1.71, bẹ́ẹ̀ owó ọjà ò ṣe ọ́ ní ibi kankan. Ẹ̀yí tó burú jù lọ ni ti ìyapa: àwọn iye tuntun yìí jìnnà sí àwọn ti àárọ̀, nítorí náà ìyapa ti fẹ̀ láti 1.50 sí bíi 1.87. Ìlà kẹta tí o fi ṣe sítọ́ọ̀pù ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí bíi 593.11. Ohun tí o lè pàdánù ti di dọ́là 3.89. O wọlé láti fi 1.50 wá 3, o wá ń fi 3.89 wá 1.71, ìka rẹ ò sì kan bọ́tìnì kankan.

Ohun tó fa ẹ̀dùn ọkàn rẹ nìyẹn. Ìlà méjèèjì ń rìn, wọ́n sì jọ ń rìn lòdì sí ọ.

---

Adérónkẹ́_Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an ni, sà. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. N kò rò ó rí pé sítọ́ọ̀pù mi ń sún lọ. Mo rò pé torí ìlà náà wà lójú ṣáàtì, ó ti dì mọ́ ibi tí mo fi í sí.

Ṣé ìyẹn ni pé kí n kọ iye sítọ́ọ̀pù sílẹ̀ nígbà tí mo bá wọlé, kí n má sì wo ìlà kẹta mọ́?

---

Ẹ̀gbọ́n_Pẹ́kámù

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Bí o bá ti rà ní 597, sítọ́ọ̀pù jẹ́ 595.50, ó sì parí síbẹ̀ títí òwò náà á fi tán. Fi àṣẹ náà sọ́dọ̀ bùrókà rẹ ní iye yẹn gan-an, má fi ojú rẹ dúró dè é.

Tàgẹ́ẹ̀tì ni kí o jẹ́ kó máa rìn, nítorí pé ìdí tí o fi wọlé ni pé owó jìnnà sí VWAP. Bí àlàfo yẹn bá ti pa dé, ìdí tí o fi wọlé ti tán, ìbáà jẹ́ owó ló rìn tàbí VWAP ló rìn. Jáde. Àmọ́ kí o tó wọlé, ṣírò ibi tí wọ́n á ti pàdé ní òtítọ́. Nínú àpẹẹrẹ yẹn, ká ní owó gun òkè díẹ̀díẹ̀ láti 597, tó sì pàdé VWAP lẹ́yìn tí mílíọ̀nù 15 ti kọjá: bíi 599.20 ni wọ́n á ti pàdé, kì í ṣe 600. Èrè tó wà níwájú rẹ jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 2.20. Ó ṣì dára ju 1.50 lọ, o lè wọlé. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Niu Yọ́ọ̀kì ni, tí ìpín tó ti kọjá ò ì tíì pọ̀, ìpàdé náà á tún sún mọ́ ọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òwò yẹn lè má tó owó sítọ́ọ̀pù rẹ mọ́.

Ife omi kan á yí bí ọbẹ̀ ṣe rí nínú ìkòkò kékeré padà, kò ní ṣe nǹkan kan nínú àgbá. Bí VWAP ṣe rí láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ nìyẹn.

---

Títílayọ̀_Húsítọ̀n

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ń ṣe é kí n tó lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn. Aago 8:30 àárọ̀ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín ni ọjà ń ṣí. N kì í fọwọ́ kan nǹkan kan títí di aago 10, nítorí pé ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ìlà náà súnmọ́ra débi pé owó á kan ìlà kejì, á kan ìlà kẹta, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìsí ìtumọ̀. Ìyapa tí wọ́n ṣírò láti inú kándù méjì tàbí mẹ́ta, kí ló fẹ́ sọ fúnni?

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ mú wá ni April 9, 2025. Gbogbo wa la rántí. Ó kọjá aago 12 ọ̀sán díẹ̀ lọ́dọ̀ mi nígbà tí ìkéde jáde pé wọ́n dá ọ̀pọ̀ owó-orí ọjà òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́. Ọjà fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. S&P 500 parí ọjọ́ náà pẹ̀lú èrè tó lé ní ìdá 9 nínú 100. Owó ti wà lókè ìlà ìyapa kẹta kí ojú tó ṣẹ́. Ẹni tó bá tà á lójú ìlà kejì, tó ní yóò padà sí VWAP, kò rí VWAP mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ wá sọ fún mi, ìlà wo ló lè gba ènìyàn lọ́wọ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀?

---

Bàbá_Wúràọlá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí tí mo bá gbọ́ ọ gbòdì. Ìpín báǹkì kan ni mo ń rà lórí ọjà NGX ní Èkó, díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù, látọdún mélòó kan. Mo fẹ́ mọ VWAP tèmi, ìyẹn àpapọ̀ iye tí mo ti rà á. Ṣé bí owó bá wà lábẹ́ VWAP mi ni kí n tún rà?

---

Ọláìtán_Ìlọrin

Bàbá Wúràọlá, ẹ kú ọjọ́ kẹta. Ohun tí ẹ ń wí yàtọ̀ sí èyí, sà. Iye tí ẹ̀yin fúnra yín rà á ni ẹ ń wí, ìyẹn wúlò fún ẹ̀yin láti mọ èrè yín, ọjà ò sì mọ̀ ọ́n. Ti ibí yìí ni iye tí gbogbo ẹni tó wà lọ́jà rà á láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, tó ń padà bẹ̀rẹ̀ ní òdo lọ́jọ́ kejì.

Mo sì ti gbìyànjú láti fi wo àwọn ìpín ilẹ̀ wa. Òwò tó ń wáyé lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn lóòjọ́ kò pọ̀ tó. Ẹ lè rí wákàtí kan tí ìpín kankan ò kọjá, lẹ́yìn náà ẹnì kan ṣoṣo á ra èyí tó pọ̀ gan-an lẹ́ẹ̀kan náà, VWAP á fò lọ síbi tí onítọ̀hún ti rà. Ìlà ẹnì kan ni ẹ ń wò nígbà náà. Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún ọjà tí ènìyàn pọ̀ nínú rẹ̀.

---

Bàbá_Wúràọlá

Ó yé mi wàyí. Ẹ ṣé, ọmọ mi. N ó máa ka tiyín lọ.

---

Ẹ̀gbọ́n_Pẹ́kámù

Títílayọ̀, ìbéèrè rẹ ni mo ti ń dúró dè. Kò sí ìlà tó lè gbani lọ́jọ́ bíi April 9. Sítọ́ọ̀pù tí iye rẹ̀ ti dì, tó sì ti wà lọ́dọ̀ bùrókà, ló lè gbani, àní pé ó lè má mú ọ jáde níye tí o kọ gan-an nígbà tí ọjà bá fò bẹ́ẹ̀. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má rà kún òfò.

Àmọ́ ọjọ́ tí ìròyìn bú gbàmù kọ́ ló ń jẹ owó àwọn tó ń ṣe èyí jù. Ọjọ́ tí ọjà kàn ń gba apá kan lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú mi, nítorí pé n kò rí ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ká ní ọjà ṣí ní 600, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ́gbọọgba, iye ìpín tó ń kọjá níṣẹ̀ẹ́jú kọ̀ọ̀kan ò sì yàtọ̀. Ó ti dé 594, ó ti sọ dọ́là 6 nù. VWAP á wà láàárín gan-an, ní 597. Ìyapa á jẹ́ dọ́là 6 pín sí gbòǹgbò 12, ìyẹn nǹkan bíi 1.73. Owó wà ní dọ́là 3 sí VWAP. Ẹ pín 3 sí 1.73: ẹ ó rí 1.73. Bó bá tún sọ̀kalẹ̀ di 588, àlàfo á di dọ́là 6, ìyapa á di 3.46, èsì á ṣì jẹ́ 1.73. Bó ti wù kó já tó, bí ó bá ṣáà ti ń já lọ́gbọọgba, owó á máa wà láàárín ìlà kìíní àti ìlà kejì títí ọjà á fi pa. Kò ní kan ìlà kejì láéláé.

Ẹ wo ohun méjì tí ìyẹn ń sọ. Èkíní, ẹni tó bá dín ìlà rẹ̀ kù sí ìlà kan ààbọ̀ kí ọjà lè pọ̀ fún un, ó ti gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ sínú ọjọ́ burúkú gan-an, torí níbẹ̀ ni owó ń gbé lọ́jọ́ tí kò ní padà. Èkejì, fífọwọ́kan ìlà kejì ò túmọ̀ sí pé owó ti jìnnà jù. Ó kàn ń sọ pé owó ṣẹ̀ṣẹ̀ yára ju bó ti ṣe ń rìn láti àárọ̀ lọ. Ó lè jẹ́ ìmí ìkẹyìn àwọn tó ń tà. Ó sì lè jẹ́ pé ọjà ti dákẹ́ láti àárọ̀, ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé mo máa ń wo VWAP fúnra rẹ̀ kí n tó wo owó. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú, ṣé ó dúró sójú kan? Ṣé owó ti gba orí rẹ̀ kọjá síwá sẹ́yìn lónìí, tàbí apá kan ṣoṣo ló ti wà látìgbà tí ọjà ṣí? Bí VWAP bá ti rìn ju ìdá mẹ́rin ìyapa kan lọ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, n kì í fọwọ́ kàn án. Ìwọ̀n tèmi nìyẹn, ẹlòmíràn lè ní tirẹ̀. Bí owó ò bá tíì sọdá VWAP rí lónìí lẹ́yìn wákàtí àkọ́kọ́, n kì í fọwọ́ kàn án pẹ̀lú.

---

Kóládé_Góòlù

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ti báǹkì yẹn, mo gbà. Àmọ́ ìṣirò 1.73 yẹn, mo lọ wò ó lórí góòlù mi, kò bá a mu. Owó kan ìlà kejì lójú ọjọ́ tó ń já lọ gbọọrọ. Kí ló dé?

---

Ẹ̀gbọ́n_Pẹ́kámù

Kóládé, ọjà kì í já lọ́gbọọgba bí ti ìwé ìṣirò, nítorí náà á máa kàn án nígbà tó bá sáré, á sì padà sáàárín nígbà tó bá mí. Àmọ́ ohun méjì wà nínú tìrẹ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjà XAUUSD tí bùrókà fi hàn ọ́ kò ní iye òwò gidi. Iye ìgbà tí owó yí padà lójú bùrókà yẹn nìkan ni MT5 ń kà. Ó máa ń súnmọ́ bí ọjà ṣe ń gbóná sí, àmọ́ kì í ṣe iye góòlù tó yí ọwọ́ padà, bùrókà méjì lè fún ọ ní VWAP méjì. Bí o bá fẹ́ òwò gidi, lọ wo GC, góòlù ọjà ọjọ́ iwájú ti COMEX, kí o máa fi ìlà tibẹ̀ darí ara rẹ.

Èkejì ni ibi tí ìlà rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ VWAP tí wọ́n ń gbé sórí MT5 ń bẹ̀rẹ̀ ní òru, nígbà tí aago ẹ̀rọ bùrókà bá di òdo. Òwò Éṣíà àti ti òwúrọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ti wọ inú rẹ̀ kí Niu Yọ́ọ̀kì tó jí.

---

Ọláìtán_Ìlọrin

Ti ibẹ̀rẹ̀ yẹn kan SPY náà o, Àǹtí Adérónkẹ́. Lórí TradingView, bí ẹ bá tan òwò tó ń wáyé kí ọjà tó ṣí àti lẹ́yìn tó ti pa, VWAP á bẹ̀rẹ̀ láti aago 4 ìdájí Niu Yọ́ọ̀kì. Lórí SPY kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, torí òwò ìdájí kéré sí ti ọ̀sán. Àmọ́ lórí ìpín ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde èrè rẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ìlà yín àti ìlà ẹlòmíràn lè jìnnà síra gan-an. Ẹ pa á, kí ẹ tó fi kóòdù yìí sí i, kí ẹ lè mọ̀ pé ohun kan náà ni gbogbo wa ń wò:

```
//@version=5
indicator("VWAP", overlay=true)
[v, oke, isale] = ta.vwap(hlc3, timeframe.change("D"), 2)
plot(v)
plot(oke)
plot(isale)
```

Ẹ má sì gbàgbé pé aago Niu Yọ́ọ̀kì ń yí, tiwa ò yí. Ọjà ń ṣí ní aago 2:30 ọ̀sán lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì ń di 3:30 nígbà òtútù.

---

Adérónkẹ́_Bódìjà

Mo ti pa á, Ọláìtán, o ṣé. Ó ti wà ní títàn láti ọjọ́ yìí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹyọ kan ló kù. Ẹ ní tàgẹ́ẹ̀tì kí ó máa rìn. Bí owó bá wá jókòó sójú kan ńkọ́, tí kò kan sítọ́ọ̀pù, tí kò sì gòkè? Ṣé kí n máa dúró títí VWAP á fi bá mi ní 597 níbi tí mo ti rà ni?

---

Ẹ̀gbọ́n_Pẹ́kámù

Rárá. Òwò tí kò lọ tí kò bọ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Wo ìlànà tí mo kọ sókè. Bí owó bá dúró sójú kan, tí ìpín tó kọjá lẹ́yìn tí o wọlé sì ti tó ìdajì èyí tó ti kọjá ṣáájú, VWAP ti rin ìdá mẹ́ta kan nínú àlàfo náà. Nínú àpẹẹrẹ wa, mílíọ̀nù 10 nìyẹn, VWAP á ti wà ní 599. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń jáde bí owó ò bá ràn mí lọ́wọ́ rárá. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú bí ọjà náà ṣe wọ́n tó tàbí bí àlàfo ṣe fẹ̀ tó, ìdá mẹ́ta ni nígbà gbogbo. Kọ V sílẹ̀ nígbà tí o bá wọlé, pín in sí méjì, kí o máa wo v.

---

Títílayọ̀_Húsítọ̀n

Ẹ̀gbọ́n, níbí ni n kò ti bá yín lọ. Lọ́sàn-án, nígbà tí òwò bá dákẹ́, ìdajì V lè gba wákàtí mẹ́ta. N kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú 45 ni mo ń fún un, bí kò bá ti rìn, mo jáde. Mo sì máa ń yẹra fún ọ̀sán ọjọ́ tí Federal Reserve bá máa kéde ìpinnu wọn ní aago 2 Niu Yọ́ọ̀kì, nítorí pé VWAP tí wọ́n fi òwò àárọ̀ kọ́ kò já mọ́ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ìkéde náà.

---

Ẹ̀gbọ́n_Pẹ́kámù

Ti Federal Reserve, mo bá ọ lọ pátápátá. Ti ìṣẹ́jú 45, n kò rí ìdí tí aago ògiri fi yẹ kó darí ohun tí òwò ń darí. Bí òwò bá dákẹ́, VWAP náà dákẹ́, tàgẹ́ẹ̀tì rẹ ò sá lọ síbì kankan, kò sí ohun tí o ń pàdánù bí o ṣe ń dúró.

---

Títílayọ̀_Húsítọ̀n

Mo ń pàdánù àkókò tó kù kí ọjà tó pa, ẹ̀gbọ́n. Owó tó nílò dọ́là 3 láti padà sílé ní aago 2 ọ̀sán Niu Yọ́ọ̀kì, kò ní wákàtí tí ẹni tó wọlé ní aago 11 ní. Àti pé láti 3:50, tí àìdọ́gba àwọn àṣẹ ìparí ọjà bá ti jáde, ìṣísẹ̀ ọjà ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú VWAP mọ́.

---

Ẹ̀gbọ́n_Pẹ́kámù

Ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ fún ọ̀sán. Láàárọ̀, mo ṣì dúró lórí tèmi.

---

Ọláìtán_Ìlọrin

Kí ẹni tó bá fẹ́ dán ọ̀nà méjèèjì wò lórí ọjà àtẹ̀yìnwá kíyè sí ohun kan. Mo ti rí àbájáde tí ènìyàn gbé síta níbì kan, tó dára ju ohun tó ṣeé gbàgbọ́ lọ. Nígbà tí mo wo kóòdù rẹ̀, VWAP ìparí ọjọ́ ló fi ṣe tàgẹ́ẹ̀tì òwò tí ó wọ̀ ní aago 11 òwúrọ̀. Ẹnikẹ́ni ò mọ iye yẹn ní aago 11. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé kándù tó kan ìlà kejì, ìlà náà fúnra rẹ̀ ti ní òwò kándù yẹn nínú. Ìlà kándù tó ṣáájú ni kí ẹ fi wọlé. Kí ẹ sì kọ iye tí ẹ rí níbi ìpàdé sílẹ̀ lótọ̀, kí ẹ má kàn kọ bóyá owó pàdé VWAP. Ìpàdé lè pọ̀ kí èrè má pọ̀, ohun tí Àǹtí Adérónkẹ́ rí gan-an nìyẹn.

---

Adérónkẹ́_Bódìjà

Mo ti ṣí ìwé kan. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní V nígbà tí mo wọlé, VWAP, iye tí mo rà, sítọ́ọ̀pù tó dì, ibi tí mo rò pé wọ́n á ti pàdé, àti ibi tí wọ́n pàdé ní tòótọ́. N ó kọ ìdajì V àti ìṣẹ́jú 45 méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí n lè rí èyí tó ń dáàbò bò mí jù.

Ìbéèrè mìíràn wà o. Bí ọjà bá fi àlàfo ńlá ṣí, tó jìnnà sí ibi tó pa sí lánàá, VWAP òní ò mọ nǹkan kan nípa àná. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ń bẹ̀rẹ̀ VWAP láti ìṣíde ọjọ́ àná?

---

Títílayọ̀_Húsítọ̀n

Mo ń ya VWAP méjì bẹ́ẹ̀, ti àná àti ti òní. Lọ́jọ́ tí àlàfo bá tóbi, ti àná ni mo rí i pé owó ń kọ́kọ́ yà sí. Àmọ́ n kì í fi wọlé, mo kàn fi ń mọ ibi tí ó ti lè dá dúró kó tó dé ti òní ni. Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?

---

Ẹ̀gbọ́n_Pẹ́kámù

N kò lò ó rí fún wíwọlé, n kò sì fẹ́ sọ ohun tí n kò tíì dán wò. Ohun kan ni mo lè sọ: V ọjọ́ méjì wúwo gan-an, nítorí náà ìlà yẹn ò ní tètè rìn wá bá ọ. Ìyapa rẹ̀ náà ò ní tètè fẹ̀. Adérónkẹ́, fi kún ojú ìwé rẹ, kí o gbé e wá fún wa bó bá ti pọ̀ díẹ̀.